Títì Tó Wà Lẹ́yìn Ọmọ Náà

Bí ẹ bá gbé àwòrán síwájú rẹ̀, ojú ẹni tó wà níbẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ ló máa wò. Ẹ lè mú àwòrán ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lókè òkun tọ̀ ọ́ lọ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kí yín kú oríire, àmọ́ ojú rẹ̀ á ti yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká ọmọ náà kọjá, ó ti dé orí títì tó wà lẹ́yìn. Ọwọ́ wo ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀? Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi fa ìlà àárín ni, àbí yẹ́lò? Etí títì ńkọ́? Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n fi ń pè é ní Àǹtí Àwòrán, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé kò sì jẹ́ kó gbádùn.

"Ìwọ tó o mọ títì gbogbo ayé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wí, "o ò ní pásípọ́ọ̀tù. Ibi tó o lọ tó jìnnà jù ni ilé àna rẹ, o sì tún sá padà wálé."

"Ẹ jẹ́ kí n máa fojú rìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ń fojú rìn, bàtà ẹ̀ kì í jẹ."

Ilé fọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, láyé tí fíìmù ṣì wà, tí wọ́n ń fọ àwòrán nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí oògùn rẹ̀ ń ta èèyàn nímú. Fíìmù yìí ní ojú méjì. Bí èèyàn bá gbé e kọ ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, àwòrán á jáde, á mọ́ rekete, ṣùgbọ́n ọ̀tún á ti di òsì. Ó ṣe é rí. Ó tẹ àwòrán ìyàwó kan jáde, òrùka ìgbéyàwó sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá ọkọ gbé àwòrán náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ta ló bọ́ òrùka lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ òun tó fi bọ ọwọ́ kejì. Wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà títí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àwòrán tó máa kàn án lọ́wọ́ kó má kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ṣé bó ṣe rí nìyí, àbí wọ́n ti yí i?

Nígbà tí fóònù dé, tí oníkálukú di ayàwòrán, ilé fọ́tò kógbá wọlé. Ó jókòó sílé díẹ̀, kí wọ́n tó mú un síbi iṣẹ́ tuntun: ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn ẹbí wá èèyàn wọn tó rìnrìn àjò tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Yàrá méjì péré ni, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta páìpù omi. Tí wọ́n bá ń gé páìpù nísàlẹ̀, tábìlì á máa gbọ̀n lókè. Ọ̀gá wọn, àgbà ọkùnrin kan tí orúnkún ń dùn, ló máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ́fíìsì ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè. Àǹtí Àwòrán ló máa ń sọ orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà yóò lọ.

Iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé. Obìnrin kan mú àwòrán ọmọ rẹ̀ wá nígbà kan, ó ní Lọ́ńdọ̀nù lọmọ náà wà. Àǹtí Àwòrán wo títì. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn ọkọ̀ ń gbà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlà yẹ́lò méjì tó fara tira ló pín àlọ àti àbọ̀ níyà, bẹ́ẹ̀ funfun ni tàwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí wọ́n ti ń gba ọ̀tún, tí wọ́n sì ń fi yẹ́lò sáàárín, Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn, àti Kánádà, àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lápá ibẹ̀. Nọ́wè náà ń ṣe é, nítorí náà kò yára sọ̀rọ̀. Ó wá wo igi, ó wo páálí orúkọ àdúgbò, kó tó lanu. Ohun tó máa ń sọ fáwọn tó bá bi í ni pé ọwọ́ tí ọkọ̀ ń gbà máa ń gé ayé sí méjì, ìlà ojú títì á wá gé apá tó kù sí wẹ́wẹ́. Bí o bá mú ọ̀kan tí o fi èkejì sílẹ̀, wàá kàn máa rìn kiri ni.

Lọ́jọ́ kan, lówùúrọ̀, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá, tòun ti aṣọ iṣẹ́ tí iná ti jó lu ní àìmọye ibi. Àwọn èèyàn ń pè é ní Wẹ́dà, nítorí irin ló ń jó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá torí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú, ọmọ sì kọ́ṣẹ́ irin lọ́dọ̀ Wẹ́dà kó tó di pé ó bá àwọn kan rìn. Dùbáì ni wọ́n sọ pé àwọn ń kó wọn lọ, iṣẹ́ irin pọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn ò gbọ́ nǹkan kan, àfi àwòrán kan ṣoṣo tí nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù Wẹ́dà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà náà, wọ́n ti pa fóònù rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ni Àǹtí Àwòrán wí, "ìyá ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti rí àwòrán yìí?"

"Há! Kò gbọdọ̀ rí i o! Ìyá ẹ̀ lẹ́jẹ̀ ríru. Gbogbo ẹbí la ti fẹnu kò. A sọ fún un pé ọmọ ń pè wá, pé dáadáa ló wà, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó ráyè."

"Ó sì gbà?"

"Ó ń fọṣọ àwọn èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, ibo ló ti ráyè máa bi wá lọ́rọ̀?" Wẹ́dà fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Tá a bá rí i tán, a ó sọ fún un."

Àǹtí Àwòrán gbé àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà á: apá kan nà síwájú di fóònù mú, èkejì wà láyà rẹ̀, a sì rí àpá iná gbọọrọ kan lára rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Ẹ̀wù dúdú ló wọ̀, kò ní kọ́là, kò ní àpò, kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe tí kò bá fẹ́ kí àwọn ará ilé bẹ̀rù. Lẹ́yìn rẹ̀, títì kan nà lọ gbọnrangandan láàárín pápá gbígbẹ àti igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún. Ìlà funfun tó ń já gé-gé-gé wà láàárín. Ìlà yẹ́lò gbọọrọ tí kò já rárá wà létí títì lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lọ lápá òsì títì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọkọ̀ kékeré kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ó dojú kọ wá, ó jìnnà débi pé nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé kà.

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbí," ni ó wí.

"Èyíinì túmọ̀ sí kí ni?"

"Pé kì í ṣe Dùbáì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Dùbáì. Àyàfi..."

Àyàfi bí àwòrán náà bá jẹ́ èyí tó yí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán, fóònù á máa ṣe bíi dígí sí i. Fóònù míì, bó bá fẹ́ tọ́jú àwòrán náà pamọ́, á kọ́kọ́ yí i padà sí bó ṣe yẹ. Fóònù míì á fi í sílẹ̀ bíi dígí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí a lè kà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó ṣe. Wíwo ibi tí dírébà jókòó sí kò sì lè gbani, torí àga dírébà àti títì jọ ń yí ni. Ìlà náà kò lè sọ ọ́, yẹ́lò létí méjèèjì, funfun láàárín, bí o yí i, bí o ò yí i, bákan náà ni.

Ó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ òrùka ìyàwó ọjọ́sí dìde nínú rẹ̀. Ó bi Wẹ́dà léèrè pé, "Àpá iná yìí, ọwọ́ wo ló wà?"

"Òsì," ni Wẹ́dà dáhùn láìronú, ó sì fọwọ́ lu apá òsì tara rẹ̀. "Ọwọ́ òsì ni. Ṣebí ojú mi ló wà lójoojúmọ́, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan."

Nínú àwòrán tó wà níwájú wọn, ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà ni àpá wà.

"Tó bá jẹ́ òsì ló wà lóòótọ́, a jẹ́ pé fóònù yí i," ni Àǹtí Àwòrán wí. "Ṣé ó dá yín lójú? Mi ò bá fẹ́ bi ìyá ẹ̀."

"Àbúrò, mo sọ fún yín pé ìyá yẹn ò gbọdọ̀ gbọ́! Ṣé ẹ fẹ́ ká wá òkú méjì ni?"

Ọ̀gá gbójú sókè láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ má jẹ́ ká kọjá àyè wa."

Àǹtí Àwòrán tẹ bọ́tìnnì, àwòrán sì yí. Ọkọ̀ akẹ́rù bọ́ sápá ọ̀tún. Àpá bọ́ sọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wàyí, pẹ̀lú yẹ́lò létí títì àti funfun láàárín, bí wọ́n ṣe ń fà á ní Dùbáì àti láwọn ilẹ̀ Lárúbáwá kan tó yí i ká. Pápá gbígbẹ bá a mu. Ọ̀rọ̀ àwọn tó kó ọmọ lọ bá a mu. Ohun gbogbo dọ́gba débi pé Wẹ́dà fò dìde, ó ń gbàdúrà fún un pé ojú rẹ̀ ò ní fọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó wà lápá ibẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì dá. Nígbà tí èsì máa dé, wọ́n ní àwọn ti wá gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n, gbogbo ilé ìwòsàn àti mọ́ṣúárì tó ṣeé dé, àwọn ò rí ẹni tó jọ ọ́. Àǹtí Àwòrán tún àwòrán náà wò. Kò sóhun tuntun tó rí. Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ ojú ọmọ náà sórí pépà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri, bóyá ẹni tí wọ́n jọ rìnrìn àjò ti padà sílé, tó lè dá a mọ̀. Wọ́n gé títì kúrò, wọ́n fi ojú àti apá sílẹ̀, nítorí àpá yẹn. Wẹ́dà rí i, ó ní ó dáa, kí wọ́n ṣáà má lẹ̀ ẹ́ ládùúgbò ìyá ọmọ.

Wọn ò lẹ̀ ẹ́ ládùúgbò rẹ̀. Ibùdókọ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí. Ibùdókọ̀ sì ni ìyá náà gbà lọ́jọ́ tó lọ ra ọṣẹ àti bùlúù.

Ariwo àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Obìnrin kan wọlé, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti hun nítorí omi. Ó di pépà tó ya kúrò lára ògiri mú, gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ṣe ọmọ mi báyìí?"

Ọ̀gá dìde, orúnkún rẹ̀ ró. "Ẹ jókòó ná, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn lómi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí. Mo kọjá lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mi ò dá a mọ̀. Ọmọ tí mo bí! Mo rò pé ẹni tó jọ ọ́ ni. Mo ti rìn lọ kí ọkàn mi tó ní kí n padà. Ta ló gbé ojú ẹ̀ sódì? Ta ló gbé àpá ọwọ́ ẹ̀ kúrò níbi tí mo fi sí?"

Àǹtí Àwòrán rọra bi í pé, "Mà, níbo lẹ fi í sí?"

"Ọ̀tún." Obìnrin náà ká apá ẹ̀wù ara rẹ̀ sókè bíi pé ara tirẹ̀ ló wà. "Èmi ni mo jó o. Àyọ́ọ̀nù mi ni. Ó kéré, kò tíì gùn dé tábìlì, ó wá na ọwọ́ sí mi, mi ò rí i, mo gbé àyọ́ọ̀nù lé e. Ọwọ́ tó fi ń jẹun ni. Ṣíbí ni mo fi ń bọ́ ọ títí ó fi jinná, bíi pé mo tún ń já a lẹ́nu ọmú ni. Kí ẹnì kan wá máa sọ ọwọ́ tó wà fún mi?"

Nísàlẹ̀, wọ́n ń gé páìpù, tábìlì ń gbọ̀n.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Wẹ́dà. Nígbà tó dé tó rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, àìsàn yín la rò..."

"Ẹ má pè mí ní ìyàwó yín lónìí. Ẹ ń sọ fún mi pé ó ń pè yín. Ẹ tún ń kí mi látẹnu ẹ̀! 'Ó ní ká kí yín, ó ní ẹ má ṣe wàhálà jù.' Ẹ mà lẹ́bùn o, ẹ ò bá lọ máa ṣe tíátà."

Wẹ́dà kúnlẹ̀, géńdé ọkùnrin. Àǹtí Àwòrán ní kó dìde, kó wá dúró síwájú òun bíi pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà, kí tábìlì wà láàárín wọn. Ó ní, "Ẹ fi ibi tí àpá yẹn máa ń wà hàn mí." Wẹ́dà na ìka. Ó nà án síwájú, lápá òsì tara rẹ̀, ó sì kan apá ọ̀tún Àǹtí Àwòrán tó dojú kọ ọ́. Ó wo ìka ara rẹ̀. Ó ní "Ye!", ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà máa ń dojú kọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọ, ọwọ́ òsì Wẹ́dà ló máa ń bọ́ sí. Bó ṣe rí i náà ló ṣe sọ ọ́. Kò purọ́. Àmọ́ àwọn tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bi í jù bẹ́ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹni tó yẹ kí wọ́n bi gbọ́ rárá.

Àǹtí Àwòrán ṣí kọ̀ǹpútà, ó gbé àwòrán náà padà sí bó ṣe wọlé gan-an. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí ìyá náà wá jókòó. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀ láì jẹ́ kó rí i.

"Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, mà. Ó ń lọ. Apá wo ló wà?"

"Òsì."

"Èyí tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́tùn-ún wa níbí." Obìnrin náà ronú. "A jẹ́ pé òsì tiẹ̀ lòun náà wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Títì ibẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Kì í ṣe Dùbáì nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀ Lárúbáwá tí a ti ń wá a. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì nìkan la mọ̀, ibi tó kù ṣì pọ̀: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Íńdíà, Kẹ́ńyà, Ọsirélíà, Jàpáánù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà. Funfun tó ń já láàárín. Yẹ́lò tí kò já létí títì." Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lórí dígí kọ̀ǹpútà. "Àwọn ará Áíláǹdì náà ń fi yẹ́lò sétí títì, wọ́n sì ń gba òsì, àmọ́ tiwọn máa ń já gé-gé-gé lójú ọ̀nà irú èyí, koríko ibẹ̀ sì tutù minimini. Ibi tí èyí ti wọ́pọ̀ jù ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún: Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀, Bòtìsúwánà, Nàmíbíà, Lẹ̀sótò, Ẹ̀súwátìnì. Mi ò lè sọ èwo nínú wọn. Àmọ́ ibẹ̀ ni."

"Wọn ò tiẹ̀ kó o kọjá omi."

"Wọn ò kó o kọjá omi, mà."

Obìnrin náà wo títì náà pẹ́. Ó fi àtàǹpàkò kan ètè gbígbẹ ọmọ rẹ̀ lójú dígí. "Ó ti sọ ibi tó wà fún wa látìgbà náà," ni ó wí. "Ó kàn jẹ́ pé ẹ gbé e kọ ẹ̀yìn síbẹ̀."

Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí Àǹtí Àwòrán, kò yíjú sí Wẹ́dà. "Ohunkóhun tí ẹ bá rí, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Tó bá fẹ́ pa mí, kó pa mí. Ẹ má fi í pamọ́ fún mi mọ́."

Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ́fíìsì tó wà lápá ìsàlẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú àwòrán bó ṣe wọlé àti àpá lọ́wọ́ ọ̀tún. Èsì yìí kò pẹ́ rárá. Ìyẹn gan-an ló dun Àǹtí Àwòrán jù, pé kò pẹ́.

Ọmọ náà wà lọ́kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ọkọ̀ kọ lù ú létí títì kan, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìlú kékeré kan. Ó lo oṣù mélòó kan lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, lẹ́ni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ́kùnrin tó ní àpá iná lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń wá èèyàn lọ́dọ̀ wọn, bóyá ẹnì kan á béèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè. Lásìkò tí wọ́n ń wá a kiri ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Lárúbáwá, ó ṣì ń mí. Nígbà tó kú, wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ di ìgbà tí òfin wọn gbà, ìjọba ìbílẹ̀ sì sin ín. Wọ́n fi àwòrán apá rẹ̀ sínú èsì náà. Àpá àyọ́ọ̀nù ni, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó.

Ọ̀gá ka lẹ́tà náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ká pe Wẹ́dà àtàwọn àgbà ẹbí," ni ó wí. "Wọn á mọ bí wọ́n ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún un. A kì í ki irú ẹ̀ bọ obìnrin létí báyẹn."

"Rárá, sà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní rárá, sà. Ẹ má bínú. Ó ti sọ bó ṣe fẹ́ ẹ."

Ọ̀gá kàn fa lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sán gangan ni Àǹtí Àwòrán dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ náà kò ju fífẹ̀ ilẹ̀kùn méjì lọ. Aṣọ àwọn oníbàárà kọ́ lókè bíi pé èrò tí kò lórí dúró síbẹ̀. Ìyá náà ń na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan. Ó rí Àǹtí Àwòrán, ó sì rí bó ṣe dúró. Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí kọ́là náà fi nà tán, ó gbé àyọ́ọ̀nù nàró, ó fọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Ẹ wí i."

Àǹtí Àwòrán wí i. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn, kò sì bù ú kù. Ó sọ ti ọkọ̀, ti bẹ́ẹ̀dì, ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ó sọ ti ìgbà tó kú. Ó sọ pé tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí, wọn ì bá bá a láàyè. Kò sẹ́ni tó rán an ní gbólóhùn yìí. Ó lè fi í sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Obìnrin náà kò ké. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù kò gbé e ṣubú. Ó bi í pé, "Wọ́n sin ín síbi tó ṣeé dé?"

"Ó ṣeé dé, mà. Wọ́n fi nọ́ńbà sórí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ báyìí, tí ẹ bá fún wọn."

"Màá fún wọn."

Ó mú apá ọ̀tún ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì pa á láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, ó lọ, ó bọ̀. "Ìwọ lo yí i," ni ó wí.

"Èmi ni, mà."

"Wẹ́dà ló sọ ọ́, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan kan o. Nǹkan wà níbẹ̀. Ó máa wà níbẹ̀." Ó fi ẹnu tọ́ka sí àpótí kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Fa ìyẹn jókòó. Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹbí yẹn tíì dé bá mi pẹ̀lú ariwo wọn. Jókòó, má sọ nǹkan kan."

Àǹtí Àwòrán jókòó. Ó fa okùn àyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri, torí ó ti gbóná jù. Wọ́n wà níbẹ̀, obìnrin méjì, títí ọkùnrin kan fi yọjú láti wá gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìyá náà mú ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a, ó tẹ́ ẹ sínú ọ̀rá, ó sì kí ọkùnrin náà pé ó dàbọ̀.